Iṣẹ́ Wo, Fún Ta Ni? Ìlà Kan Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jẹ mọ́ ohùn àárín tàbí ìpajẹ tí mo sábà máa ń fi dà yín láàmú. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ ènìyàn lórí LinkedIn, tí wọ́n ń pè ní Headline níbẹ̀. Ẹ má rò pé mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ o. Bí a bá tú ìlà yìí palẹ̀ bí a ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀ ní kíláàsì, ẹ ó rí i pé gírámà ló ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu níbẹ̀. Wọ́n á ní ojú ló ń ti àwọn láti polówó ara àwọn. Rárá, ojú kọ́.

Ohun tó fà á nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tẹ́lẹ̀ pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ fún oyè kejì, ó sì ti ṣe ìtúmọ̀ lábẹ́ kọ́ńtíráàtì fún ọdún bíi mélòó kan. Kọ́ńtíráàtì náà parí, ó wá dá dúró, ó ń wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, ó ní, "Sà, ogún ènìyàn ló ti kọ̀wé sí mi láàárín oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe wá." Ẹnì kan fẹ́ kó kọ́ ọmọ òun ní Faransé. Ẹlòmíràn ní kó bá òun wá orúkọ Yorùbá tó dùn fún ìpara tí òun ń tà. Ẹnì kẹta kàn béèrè pé, "Kí lẹ ń ṣe gan-an?" Owó iléèwé ọmọ sì ti délẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Mo ní kó ka ìlà rẹ̀ sí mi létí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ màá tú u sí Yorùbá níhìn-ín kí egungun rẹ̀ lè hàn sí gbogbo wa. Bó ṣe lọ nìyí: Onímọ̀ èdè | Olùdámọ̀ràn | Olùtúmọ̀ | Olùkọ́ | Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ wo nǹkan márùn-ún tó tò kalẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pàtẹ ọjà. Kò sí irọ́ kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Lórí ojúewé yẹn, orúkọ yín ló wà lókè, ìlà náà ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń kà á yóò kà wọ́n pọ̀ bíi gbólóhùn kan: orúkọ yín ni olùwà, ìlà náà ni ìyókù gbólóhùn. Ohun tí olùwà ń retí ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá jẹ́ irú èyí tó ń gba àbọ̀, òǹkàwé á máa retí àbọ̀ náà pẹ̀lú. Ẹ wo "olùdámọ̀ràn". Dá ìmọ̀ràn ló wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn lórí kí ni? "Olùdarí" ńkọ́? Ó ń darí kí ni? Mọ́tò ni àbí ẹgbẹ́ akọrin? Tí a bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ àbọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń béèrè. Lójú àlejò tó ń kà á lórí fóònù, gbólóhùn tí kò parí ni.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe irú àṣìṣe yìí nígbà tí wọ́n ń sọ iṣẹ́ lórúkọ. Aránṣọ: a, rán, aṣọ. Apẹja: a, pa, ẹja. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀, àbọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn orúkọ kan tún wà tó lọ jìnnà ju èyí lọ, àwọn ni mo fẹ́ràn jù. Agbẹjọ́rò: a, gba, ẹjọ́, rò. Ẹ gbọ́ "gba" yẹn dáadáa. Tí ó bá gba ẹjọ́, á jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé e fún un. Ẹjọ́ tirẹ̀ kọ́ ni. Alágbàfọ̀ náà ńkọ́? Gbogbo wa la máa ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ń gba aṣọ ẹlòmíràn fọ̀. Alágbàtà ń gba ọjà ọlọ́jà tà. Agbaṣẹ́ṣe ń gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Nínú sílébù mẹ́rin, wọ́n ti fi oníbàárà pa mọ́ sínú orúkọ iṣẹ́. (Kí ẹnikẹ́ni má wá kọ̀wé sí mi nípa agbófinró o. "Gbé òfin ró" nìyẹn, kò sí "gba" níbẹ̀. Mo rántí àwọn tó fi èyí pàdánù máàkì.)

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ìlà yín ní láti gbé: ohun tí ẹ ń ṣe, ohun tí ẹ ń ṣe é sí, àti ẹni tí ẹ ń ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ ìlà tí mo ti rí ní ìdajì èkíní, wọn kò ní èkejì, wọ́n sì bẹ̀rù ẹ̀kẹta bí ẹní bẹ̀rù ejò.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ yìí. Mi ò jẹ́ kó kọ ìlà tuntun rárá. Mo bi í pé, "Iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n san owó rẹ̀ fún ọ gbẹ̀yìn, kí ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, kí lo gbé padà fún wọn, ta ló sì sanwó?" Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Bí ẹ bá bi ènìyàn pé kí ló ń ṣe, orúkọ oyè ló máa dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé kí ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, kò sí bó ṣe lè dáhùn láìdárúkọ nǹkan tó ṣeé fojú rí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda fún ìwádìí oògùn ibà, ìyẹn ìwé tí wọ́n máa ń ka ewu àti àǹfààní sí fún aláìsàn, tí yóò sì fọwọ́ sí kí wọ́n tó fi í sínú ìwádìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé fún un, Yorùbá ló dá padà. Ẹni tó ń darí ìwádìí náà ló sanwó. Èkejì jẹ́ ìwé ìbéèrè fún àwọn aboyún, olùwádìí mìíràn ló ni ín. Ẹ̀kẹta tún jẹ́ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, ọ̀rẹ́ olùwádìí àkọ́kọ́ ló sì júwe rẹ̀ fún wọn. Ó ní òun tún ṣe káàdì ìpè ìgbéyàwó kan láàárín wọn, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni wọ́n fún òun. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ ò rí i bí? Ohun tó wọlé kò yí padà, ohun tó jáde kò yí padà, irú ẹni tó ń sanwó náà kò yí padà. Ọmọ yìí ní iṣẹ́ tó dájú lọ́wọ́ fún ọdún gbáko, síbẹ̀ "mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀" ló gbé sí ìta.

Ó lọ, ó tún ìlà kọ, ó fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì: Mo ń ran àwọn olùwádìí tó mọṣẹ́ lọ́wọ́ láti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn. Ó ti rí ìlànà kan níbì kan tó ní kí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo ń ran lágbájá lọ́wọ́". Ìlànà náà gbajúmọ̀, ó tiẹ̀ ní oore tirẹ̀, nítorí ó ń fipá mú ènìyàn láti dárúkọ oníbàárà. Àmọ́ ìṣòro ńlá kan wà nínú gírámà rẹ̀.

Nígbà tí mo bá sọ pé mo ran Òjó lọ́wọ́ láti gbẹ́ kànga, ta ló gbẹ́ kànga? Òjó ni. Èmi kàn wà níbẹ̀ ni, bóyá okùn ni mo dì mú. Olùwà "gbẹ́" ni Òjó. Nítorí náà, bí olùtúmọ̀ bá kọ pé òun ń ran olùwádìí lọ́wọ́ láti túmọ̀ fọ́ọ̀mù, ohun tí gbólóhùn náà ń sọ ni pé olùwádìí ló ń túmọ̀. Ó ti gbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn! Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti olùkọ́ tàbí akọ́nimọ̀ọ́ṣe lóòótọ́, níbi tó ti jẹ́ pé oníbàárà ló máa gbẹ́ kànga, ẹ lo "ràn lọ́wọ́". Ibẹ̀ ni àyè rẹ̀. Àwọn yòókù, ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe yín sí ipò rẹ̀.

Mo tún ṣe ìdánwò méjì fún ìlà yẹn, méjèèjì sì ti inú kíláàsì wa wá. Àkọ́kọ́ ni ìpààrọ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń mọ̀ pé ìró méjì yàtọ̀: a ó pààrọ̀ ọ̀kan sí ipò èkejì, a ó wò ó bóyá ìtumọ̀ yí padà. Ẹ pààrọ̀ orúkọ tó wà lókè ìlà náà. Ẹ fi orúkọ awakọ̀ tó ń gbé àwọn olùwádìí lọ sí abúlé síbẹ̀. Ṣé kò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn? Ó kúkú ń gbé wọn débẹ̀ gan-an! Ẹni tó ń ta káàdì fóònù náà lè kọ ọ́. Bí ìlà kan bá gba olùtúmọ̀, awakọ̀ àti oníkáàdì láìsí wàhálà, kò tíì sọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni òdì. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó wà nínú ìlà yín, kí ẹ yí i sí òdì, kí ẹ bi ara yín bóyá ènìyàn kan wà láyé tó lè fi òdì náà ṣe ìlà tirẹ̀. "Àwọn olùwádìí tó mọṣẹ́": ta ni yóò kọ pé àwọn olùwádìí tí kò mọṣẹ́ ni òun ń bá ṣiṣẹ́? Kò sí. Olùfọkànsìn, aṣeégbọ́kànlé, ẹni tí iṣẹ́ ń wù: gbogbo wọn ló ń ṣubú níbi ìdánwò yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo "ìlera" nínú "olùwádìí ìlera". Ó ní ohun tó lè dípò rẹ̀: olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ti ọrọ̀ ajé wà. Ọ̀rọ̀ tó ń yàn nìyẹn, ó ń gbé ìròyìn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó yọ "tó mọṣẹ́" kúrò, kó fi "ìlera" síbẹ̀.

Wàyí o, a dé ibi tó le jù, ìyẹn "fún". Ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe ni àbí ọ̀rọ̀-atọ́kùn? A ti ja ìjà yẹn tó ní kíláàsì, mi ò ní tún un jà lónìí. Ohun tó kàn wá ni pé ojú méjì ni "fún" ní. Bí mo bá ní mo ta aṣọ fún ìyá Bọ́lá, ó lè jẹ́ pé ìyá Bọ́lá ló ra aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó sì lè jẹ́ pé aṣọ ìyá Bọ́lá ni mo bá a tà. Ẹni tí nǹkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí a ṣe iṣẹ́ nítorí rẹ̀ lè jẹ́ ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà la sì fi ń pè wọ́n.

Ibi tí ọmọ mi kọsẹ̀ sí nìyí nígbà tó kọ ìlà kẹta: Mo ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda àti ìwé ìbéèrè láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún àwọn aláìsàn. Ìlà tó dára ni, ọ̀rọ̀-ìṣe wà, àbọ̀ wà, inú mi dùn sí i. Òtítọ́ sì ni, aláìsàn ni yóò ka ìwé náà. Àmọ́ mo bi í pé, "Nígbà wo ni aláìsàn kan pè ọ́ rí pé kí o wá túmọ̀ fọ́ọ̀mù fún òun?" Ó dákẹ́. Aláìsàn kò mọ̀ pé wọ́n máa fún òun ní fọ́ọ̀mù títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Olùwádìí ló ń wá olùtúmọ̀, nítorí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ tí fọ́ọ̀mù kò bá sí ní èdè tí àwọn ènìyàn náà gbọ́. Òun ló ń ka ìlà yẹn pẹ̀lú ìṣòro lọ́wọ́ àti owó nínú ìsúná rẹ̀. Tó bá rí "fún àwọn aláìsàn", ó lè rò pé ògbufọ̀ tó ń jókòó pẹ̀lú dókítà ní ilé ìwòsàn ni, á sì kọjá lọ.

Nítorí náà, "fún" inú ìlà gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ń wá yín, tó sì lè gbé iṣẹ́ fún yín. Ẹni tí iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn lè wá lẹ́yìn, bí àyè bá wà. Níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé ènìyàn kan náà ni àwọn méjèèjì, bíi ti aránṣọ, kò sí wàhálà. Ní ti olùkọ́ ọmọdé, òbí ló ń sanwó, ọmọ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ti ayẹ̀wé-owó-wò, ilé iṣẹ́ kan ló gbà á síṣẹ́, àwọn tó fi owó sínú ilé iṣẹ́ náà ló ń ka àbájáde. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ronú dáadáa kí ẹ tó kọ "fún".

Ó wá sọ ẹ̀rù rẹ̀ jáde. "Sà, tí mo bá ní olùwádìí ìlera, àwọn tó ní ìwé ilé-ẹjọ́ láti túmọ̀ ńkọ́? Ṣé mi ò ti lé wọn lọ?" Mo gbọ́ ọ yé. Nígbà tí owó kò sí, ojú ènìyàn kì í fẹ́ ti ilẹ̀kùn kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìyá kan bá kọ "Ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ayamáṣe" sí pátákó rẹ̀, ṣé ẹ ò ní bi í bóyá ó ní ẹ̀wà? Ẹ ó bi í. Pátákó sọ ohun tó mọ̀ jù, kò sọ pé òun kò ní nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá kọ "Oúnjẹ oríṣiríṣi" kò jẹ́ kí ẹni tí Ọ̀fadà ń pa dúró. Ìwé ilé-ẹjọ́ ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀ ojúewé, níbi tí wọ́n pè ní About àti níbi ìtàn iṣẹ́. Ìlà kan kò lè gbé gbogbo ẹrù ilé.

Ó ku bí a ó ṣe tò ó. LinkedIn gba àmì 220 nínú ìlà yìí, lẹ́tà àti àlàfo pọ̀. Àyè tó pọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Nígbà tí orúkọ yín bá jáde nínú àbájáde ìwárí lórí fóònù, tàbí nígbà tí ẹ bá fèsì sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hàn, wọ́n á gé ìyókù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n gé tiyín dé, ẹ yá fóònù ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ wá ara yín níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kó gbé orúkọ iṣẹ́ síwájú dípò "mo ń". Ẹni tó ń wá olùtúmọ̀ kì í tẹ gbólóhùn, ọ̀rọ̀-orúkọ ló máa ń tẹ̀: olùtúmọ̀, Yorùbá. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ fojú rí.

Ìlà kẹrin wá jáde: Olùtúmọ̀ Yorùbá fún àwọn olùwádìí ìlera: fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda àti ìwé ìbéèrè tí yóò yé aláìsàn kó tó fọwọ́ sí i. Mo ní ó ti tó. Òun gan-an ló padà pè mí pé, "Sà, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè." Òótọ́ ni! Èmi tí mo ti ń fi pẹ́ńsù pupa ṣá ìwé ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún gbọọrọ ni mi ò rí i. Ó gé ìrù rẹ̀ kúrò, ó wá ku:

Olùtúmọ̀ Yorùbá fún àwọn olùwádìí ìlera: fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda àti ìwé ìbéèrè tí yóò yé aláìsàn.

Ẹ wò ó bí aláìsàn ṣe padà wọlé, tó sì jókòó sí ibi tó tọ́ sí i. Olùwádìí gba "fún", aláìsàn gba "yé". Àmọ́ mo fà á létí nípa "tí yóò yé" yẹn, nítorí ìlérí ni. Ẹnikẹ́ni lè bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé yóò yé wọn. Ó ní ìdáhùn: lẹ́yìn tó bá túmọ̀ tán, ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì yóò tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi méjèèjì wéra, lẹ́yìn náà, yóò ka ti Yorùbá sí ènìyàn bíi márùn-ún létí, yóò ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Nítorí pé ó ń ṣe èyí, ọ̀rọ̀ náà lè dúró. Ká ní kì í ṣe é ni, mi ò bá ní kó pa á rẹ́. Ohun tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó fi ti Gẹ̀ẹ́sì sí LinkedIn, ó sì fi ti Yorùbá sí About lórí WhatsApp rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iye àmì ti wá di ọ̀rọ̀ onímọ̀ èdè, nítorí àmì 139 péré ni WhatsApp gbà. Lójú wa, "ọ̀" jẹ́ lẹ́tà kan tó gbé àmì ohùn. Lójú kọ̀ǹpútà, "é" jẹ́ ẹyọ kan, àmọ́ "ọ̀" jẹ́ méjì, nítorí kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ tó ní àmì ohùn lórí. Àmì náà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ tirẹ̀. Mo ka ìlà rẹ̀ láìka àmì ìdánudúró ìparí: lẹ́tà, àlàfo àti àmì méjì tó la ìlà náà láàárín jẹ́ 85, àmì ohùn mẹ́rin tó dá dúró sọ ọ́ di 89. Àyè ṣì wà. Bí tiyín bá kún jù, ẹ gé ọ̀rọ̀, ẹ má gé àmì ohùn o, pàápàá tí ẹ bá ń pe ara yín ní onímọ̀ èdè Yorùbá!

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ìlà yín ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ tí àlejò kọ sí yín. Bó bá béèrè pé kí lẹ ń ṣe gan-an, àbọ̀ ló sọnù. Bó bá gbé iṣẹ́ tí ẹ kì í ṣe wá, orúkọ iṣẹ́ yín ti fẹ̀ jù, bíi ti "onímọ̀ èdè" tó mú ẹni tó ń wá olùkọ́ Faransé wá. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè kò ní agbára láti gbé e fún yín, "fún" ló yẹ kí ẹ padà sí. Ìpín kan ṣoṣo ni kí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó yí nǹkan padà.

Ti ọmọ mi ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ènìyàn mẹ́rin péré ló kọ̀wé sí i. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Méjì nínú wọn béèrè iye tó ń gbà lórí ojúewé kan fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, ọ̀kan sì ti gbé iṣẹ́ fún un. Ẹnì kẹta ní ìwé ilé-ẹjọ́. Ẹ rántí pátákó Ọ̀fadà. Ẹnì kẹrin ṣì ni oníìpara yẹn, ó tún padà wá.

Nígbà tó pè láti dúpẹ́, ó fi ọ̀wọ̀ bi mí pé, "Sà, ẹ máà bínú o, tiyín ńkọ́?" Mo lọ wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ èdè tó ti fẹ̀yìn tì. Oyè kan, àti ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó ń sọ ohun tí mi ò ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè kẹta lórí ohùn kì í fi orí kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí mi láti bá wọn kà. Mo ti kọ báyìí: Mo ń ka iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ohùn Yorùbá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùdánwò, fún... Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Bí mo bá kọ "fún akẹ́kọ̀ọ́", ọ̀fẹ́ ni mo ń kà á. Bí mo bá kọ "fún yunifásítì", kò sí yunifásítì kankan tó bẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí mo ti bá kà á, ẹ bá mi wò ó.